Bí a ṣe ń gbé àbá ìtàn lọ bá olóòtú magasíìnì: ká fi ilé Agudà kan l'Àjàṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ

Ọ̀pọ̀ àbá tí àwa pijísìtì, àwa òǹkọ̀wé tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ inú ilé ìwé ìròyìn, ń kọ sí olóòtú, ohun kan náà ló ń pa wọ́n, wọn ò ní igun, ìyẹn ojú kan pàtó tí a fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ máa rí ẹni tó kọ ọ́ pé "mo fẹ́ kọ̀wé lórí Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́", ó sì dá a lójú pé òun ti gbé àbá wá. Kò tíì gbé nǹkan kan wá o. Olóòtú wo ní Kútọ̀nú ni ò mọ mọ́ṣáláṣí yẹn? Wọ́n mọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n mọ̀ pé àwọn Agudà, àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsílì padà wálé àti àwọn ọmọ wọn, ló kó irú iṣẹ́ ọwọ́ yẹn wá, ìdí nìyẹn tí iwájú ẹ̀ fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà. Tí ẹ bá to gbogbo ìyẹn sílẹ̀ fún un tán, ìbéèrè kan ló kù tó máa bi yín: kí ló wá ṣẹlẹ̀? Tí ẹ ò bá rí ìdáhùn ẹ̀ sọ ní gbólóhùn kan, á jẹ́ pé ẹ ò tíì ní àbá, ẹ ṣì wà lórí kókó ọ̀rọ̀ gbọọrọ.

Àbá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú níbí, ká jọ tẹ̀lé e láti ìgbà tó ṣì fẹ̀ bí ọjà títí tí ímeèlì á fi kúrò lọ́wọ́ wa, títí dé orí owó. Ilé àtijọ́ àwọn Agudà l'Àjàṣẹ́ ni mo yàn, torí ojoojúmọ́ la ń kọjá níwájú wọn, kálukú ló sì rò pé òun mọ ìtàn wọn.

Láti ọ̀rọ̀ gbọọrọ dé igun

"Ilé àwọn Agudà ń wó." Òótọ́ ni, àmọ́ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wó, ó sì ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń kọ ọ́. Tí ẹ bá kọ ìyẹn sí olóòtú á kàn dákẹ́ ni. Ẹ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà kí ẹ bi ara yín pé kí ló ń wó wọn, ta ló ń ṣe kí wọ́n má wó, ta ló ń jèrè, ta ló ń pàdánù. Bí mo bá ṣe é báyìí, ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń jáde. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn ajogún: ilé ẹbí ni, wọ́n pọ̀ tó ogójì, àwọn kan wà l'Ékòó, àwọn kan wà ní Faransé, ẹnì kan ò lè tà á, ẹnì kan ò sì fẹ́ dá owó ẹ̀ san, báyìí ni òrùlé á ṣe máa jò títí. Ìkejì ni ti ìjọba àti àwọn arìnrìn-àjò tó ń wá wo ìlú. Ìkẹta ló wù mí jù, òun la sì máa bá lọ: sìmẹ́ńtì.

Ògiri amọ̀ kì í ṣe ògiri búlọ́ọ̀kù. Omi ilẹ̀ máa ń gun ìdí ògiri amọ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tí ara ògiri bá ṣí sílẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ amọ̀ àti ẹfun sísun ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, omi yẹn á gbẹ gba ojú ògiri jáde, kò ní ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ojú tó fi ń mí ti dí, omi á há sínú, amọ̀ á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì tó dán lójú, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i. Ìgbà tó bá máa hàn, sìmẹ́ńtì náà á ti máa ṣí ní páálí-páálí, amọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilé amọ̀ kárí ayé ti mọ èyí tipẹ́, àmọ́ ẹbí tó ń kó owó jọ fún àtúnṣe ò mọ̀, lójú tiwọn sìmẹ́ńtì ni nǹkan tó lágbára.

Igun wa rèé: sìmẹ́ńtì tí àwọn ẹbí fi ń tún ilé Agudà ṣe kó má baà wó, òun gan-an ló ń jẹ́ kó yára wó.

Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Àwọn èèyàn wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nǹkan, wọ́n fẹ́ ohun kan, òdìkejì ohun tí wọ́n fẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó lè já sí irọ́. Tí mo bá lọ síbẹ̀ tí mo rí i pé ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ló dúró jù, igun mi ti fọ́ nìyẹn. Gbólóhùn tí kò lè já sí irọ́, bíi "Àjàṣẹ́ ní ilé tó rẹwà", kì í ṣe igun, kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ lọ wádìí níbẹ̀, olóòtú náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó wà ní Kétu lè fi òṣùwọ̀n kan náà wọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Pé Yúnẹ́sìkò kéde ẹ̀ ní 2001, ìròyìn àná nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ pé akọrin Ẹ̀fẹ̀ kan ń yí orin ẹ̀ padà torí ó mọ̀ pé wọ́n máa fi fóònù gbà á sílẹ̀, pé ẹni tó bú l'ọ́jà lóru máa gbọ́ ọ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyẹn ti ń di igun, ẹ lọ wádìí ẹ̀.

Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó kọ ímeèlì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń sá fún, wọ́n á ní ṣé kí n ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbà ni? Díẹ̀ ni o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ohun tí olóòtú fẹ́ mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn máa ṣí fún yín àti pé ọ̀rọ̀ yín ò ní tú ká lójú ọ̀nà. Fún àbá tiwa yìí, èèyàn mẹ́ta ló tó: ẹni tó ń gbé inú ilé, mọlémọlé kan, àti ẹnì kan tó mọ ilé amọ̀ bí iṣẹ́. Ìlú wa sì ní ti ẹ̀kẹta yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ EPA tó ń kọ́ni nípa ohun àjogúnbá Áfíríkà wà l'Àjàṣẹ́ níbí láti 1998, ẹ lọ béèrè níbẹ̀ ẹni tó mọ̀ nípa ilé amọ̀.

Ọ̀dọ̀ mọlémọlé àgbà, ẹ má kàn yọ ìwé àti bírò síta o. Ẹ kí i, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kó mọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ọ̀rọ̀ lè lọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ògiri àtijọ́ rẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ta ló tún ń fẹ́ ẹ?"

"Kí ni wọ́n ń fẹ́ báyìí, Bàbá?"

"Sìmẹ́ńtì. Tí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ ká fi amọ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n á ní mo fẹ́ sọ ilé wọn di ahéré."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Òun ló máa sọ ìdí tí ẹbí fi ń sá fún ohun tó dáa fún ilé wọn, ìtìjú ni, kì í ṣe àìmọ̀ nìkan, ìtàn yín ti jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ omi àti amọ̀ lọ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀ ẹ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá jókòó sílé yín ẹ ò sì lè mọ̀ ọ́n láé.

Lẹ́yìn náà ẹ wá ohun tó lè ba igun yín jẹ́, ẹ fi tọkàntọkàn wá a. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mọlémọlé tó ń lo sìmẹ́ńtì bóyá ó mọ ilé amọ̀ kan tó ti rẹ́ láti ọdún pípẹ́ tí kò ṣe nǹkan. Ó ṣeé ṣe kó mọ̀, torí tí ìpìlẹ̀ bá ga, tí òrùlé ò jò, tí omi ilẹ̀ ò sì pọ̀ níbẹ̀, ògiri lè pẹ́ kó tó bàjẹ́. Àwọn ilé mìíràn sì wà tó jẹ́ pé òrùlé tó ń jò ló wó wọn, sìmẹ́ńtì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èyí ò pa igun náà, ó kàn ń sọ fún yín pé ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé "sìmẹ́ńtì ló ń wó gbogbo ilé Agudà". Ẹ máa kọ ọ́ pé ó ń jẹ́ kí wọ́n yára wó, kí ẹ sì sọ níbi tó ti rí bẹ́ẹ̀. Olóòtú tó gbọ́n máa ń fi ìka kan ọ̀rọ̀ tó bá fẹ̀ jù, tó bá rí i pé ẹ ti dín in kù fúnra yín, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé ẹbí náà, ẹ béèrè ohun méjì ní tààrà: ṣé mo lè padà wá, ṣé mo sì lè mú ayàfọ́tò wá? Ilé ẹbí ni, ẹni tó gbà yín lálejò lè má ní àṣẹ láti jẹ́ kí wọ́n ya inú ilé, àgbà ẹbí kan ló máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ti rí àbá tí olóòtú gbà tán tó wá kú torí pé ẹbí ní àwọn ò fẹ́ fọ́tò mọ́. Ẹ jẹ́ kí àgbà náà gbọ́ kí olóòtú tó gbọ́.

Magasíìnì wo, àti ìgbà wo

Ẹ ka ìwé náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ rí, àmọ́ ọ̀nà tí ẹ ń gbà kà á ló máa yàtọ̀. Ẹ mú ẹ̀dà mẹ́ta tó jáde kẹ́yìn, ẹ wo àwọn abala tó wà níbẹ̀ lóṣooṣù, ẹ wo èyí tí orúkọ àwọn tó kọ ọ́ ń yí padà. Abala tó jẹ́ orúkọ kan náà ló wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, òṣìṣẹ́ inú ilé ló ni ín, ẹ má forí sọ ibẹ̀. Èyí tí orúkọ tuntun ń wọ̀ ni ti àwa ará ìta. Ẹ wá ka bó ṣe gùn tó, ẹ wá inú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ "Agudà" síbẹ̀ kí ẹ rí ohun tí wọ́n ti gbé jáde. Tí wọ́n bá ti kọ nípa ilé Agudà rí, kò burú, ẹ dárúkọ àtíkù yẹn, àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti gbé jáde, nínú àbá yín kí ẹ sọ ohun tí tiyín fi yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà tún wà níbẹ̀. Àwọn magasíìnì Faransé, ti Kútọ̀nú àti ti Parí, fóyé ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́, fóyé kan sì jẹ́ 1,500 àmì lẹ́tà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀. Àwọn ti Èkó àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà, fóyé kan sì sún mọ́ 250 ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá lọ sọ fún olóòtú Kútọ̀nú pé ẹ máa kọ 1,500 láìsọ 1,500 kí ni, ó lè rò pé fóyé kan péré lẹ ní lọ́kàn nígbà tí ẹ̀yin ń ro mẹ́fà.

Ìgbà ńkọ́? Magasíìnì oṣooṣù kì í dúró de ìṣẹ̀lẹ̀, wọ́n máa ń ti ẹ̀dà wọn pa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jáde, abala tó gùn sì máa ń kún ṣáájú ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí "ìdí tó fi jẹ́ báyìí" nínú àbá fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń bọ̀, kó má jẹ́ ohun tó ti kọjá. Kódà Jeune Afrique tó ti jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ látijọ́ di oṣooṣù ní 2020, irú àyípadà bẹ́ẹ̀ máa ń sọ àbá tó rọ̀ mọ́ ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí di ohun tí kò wúlò mọ́. Fún tiwa, òjò ló wà lọ́wọ́ wa. Níhà gúúsù Bẹ̀nẹ̀ níbí, òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí Oṣù Kẹta títí wọ Oṣù Keje, ìgbà yẹn ni ògiri ń wó, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ẹ̀ sì ni àwọn ẹbí ń ra sìmẹ́ńtì. Tí a bá fẹ́ kí ìtàn yìí jáde nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àbá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olóòtú ní Oṣù Kìíní, ó pẹ́ jù ni ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejì. Tó bá jẹ́ Oṣù Kẹrin lẹ rántí, ẹ wò ó sí òjò kékeré tó máa ń wá láti Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ tún wá orúkọ ẹni tó ń bójú tó abala náà gan-an. Àdírẹ́sì gbogboogbò tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé, ibẹ̀ ni ìpolówó àti ẹjọ́ àwọn òǹkàwé ń lọ. Orúkọ olóòtú abala sábà máa ń wà nínú àpótí kékeré tí wọ́n ti to orúkọ àwọn òṣìṣẹ́.

Àbá náà fúnra ẹ̀

Ó yẹ kó wà láàárín 200 sí 300 ọ̀rọ̀, kó wà nínú ara ímeèlì, kì í ṣe fáìlì tí wọ́n máa ṣí, torí lórí fóònù ni ọ̀pọ̀ olóòtú ti ń kà á. Èdè tí magasíìnì ń lò lẹ máa fi kọ ọ́, tó bá jẹ́ Faransé kó jẹ́ Faransé tó mọ́. Mo kọ tèmi yìí ní Yorùbá kí ojú gbogbo wa lè rí i:

Àkọlé ímeèlì: ÀBÁ ÌTÀN: Sìmẹ́ńtì tó ń wó ilé Agudà l'Àjàṣẹ́

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní àdúgbò àtijọ́ kan l'Àjàṣẹ́, ẹbí kan kó owó jọ, wọ́n ra sìmẹ́ńtì, wọ́n sì fi rẹ́ gbogbo ara ilé alámọ̀ tí bàbá ńlá wọn tó ti Bùràsílì dé kọ́. Nígbà tí òjò rọ̀, ìdí ògiri rọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan wó. Wọ́n tún ra sìmẹ́ńtì sí i.

Mo fẹ́ kọ bí àtúnṣe tí àwọn ẹbí Agudà ń ṣe kí ilé wọn má baà wó ṣe ń jẹ́ kó yára wó. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, á sì gbẹ gba ojú ẹ̀ jáde, sìmẹ́ńtì ń dí ojú yẹn. Àwọn onímọ̀ ilé amọ̀ ti mọ èyí, ẹbí tó ń san owó mọlémọlé ni ò mọ̀. Ìtàn náà máa tẹ̀lé ilé kan, ìyá tó ń gbé inú ẹ̀, àti mọlémọlé àgbà kan tó ṣì mọ ògiri fi amọ̀ àti ẹfun rẹ́ àmọ́ tí wọn ò pè mọ́, torí àwọn èèyàn ní á sọ ilé àwọn di ahéré.

Òjò ńlá máa bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Oṣù Kẹta. Tó bá jáde ní ẹ̀dà yín ti Oṣù Kẹrin, á bọ́ sí àkókò tí àwọn ògiri yìí ń wó.

Mo ti bá ìyá náà, mọlémọlé yẹn àti onímọ̀ kan nípa ilé amọ̀ sọ̀rọ̀, àgbà ẹbí sì ti gbà kí n padà wá pẹ̀lú ayàfọ́tò. Mo máa gbọ́ tẹnu mọlémọlé tó ń lo sìmẹ́ńtì tó sì gbà pé òun ló dáa jù, àti tẹnu ilé ìjọba ìlú.

Mo rò ó sí 9,000 àmì lẹ́tà (fóyé mẹ́fà) fún abala "Ìlú" yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á ni mo lè fi jíṣẹ́. Ẹ ti gbé ìtàn jáde rí lórí àwòrán ara ilé Agudà, tèmi yìí máa dá lórí ohun tó wà nínú ògiri àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé, mo gbọ́ Yorùbá, Gùn àti Faransé. Àtíkù méjì tí mo ti kọ rèé nísàlẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù mi.

Ẹ ṣé o.

Àbá ti parí. Ẹ wò ó pé mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "orúkọ mi ni", mi ò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1835 nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ẹrú dìde ní Bàhíà tí wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò ní Bùràsílì lẹ́yìn ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn yẹn dùn tó sì máa wọ inú àtíkù. Ẹbí tó ra sìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ wọlé. Gbólóhùn igun wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kejì, olóòtú tó bá kà á débẹ̀ tó fi sílẹ̀ ti mọ ohun tí mo ń tà. Àkọlé ímeèlì náà, igun wà nínú ẹ̀, "àbá láti ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé" kì í ṣe àkọlé. Mo dárúkọ ẹni tó lòdì sí èrò mi, mọlémọlé tó gbà pé sìmẹ́ńtì ló dáa, kí ó lè mọ̀ pé mi ò lọ síbẹ̀ láti lọ dá ẹjọ́.

Ohun tí mi ò sì kọ síbẹ̀ ni orúkọ ẹbí, orúkọ mọlémọlé àti àdúgbò. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù pé olóòtú á jí àbá àwọn gbé fún òṣìṣẹ́ ẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ò sì dáàbò bo èrò, ohun tí ẹ ti kọ jáde ló ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá torí ẹ̀ fi igun pamọ́, tí ẹ kọ ọ́ pé "mo ní ìtàn ńlá kan nípa ilé, ẹ pè mí", wọn ò ní pè yín. Ẹ fi igun hàn án, kí ẹ di orúkọ àti ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn náà mú, torí iyẹn ni ẹlòmíì ò lè rí lọ́wọ́ wẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn tó bá ti lọ

Olóòtú kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí méjì tí àwọn méjèèjì sì gbà á, ẹ máa pàdánù ẹnì kan títí ayé, ìlú àwọn oníròyìn wa ò tóbi. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá fi ìlà méjì dáhùn sórí ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn kan náà, kó lè rí àbá náà nísàlẹ̀ láì wá a kiri. Ẹ má bá a lọ sórí Wásááàpù àfi tó bá jẹ́ òun ló fún yín ní nọ́ńbà fún iṣẹ́. Tó bá tún dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ẹ kọ ọ́ sí i pé ẹ ti ń gbé e lọ síbòmíì, kí ẹ sì gbé e lọ lóòótọ́.

Ìdáhùn tó bá dé, ẹ kà á bíi pé ó ń sọ ibi tó ti fọ́ fún yín. Tó bá ní "kí ni ìtàn náà gan-an?", igun ni ò ṣí lójú ẹ̀, ẹ tún gbólóhùn yẹn kọ, ẹ má fi ìpínrọ̀ kún un. Tó bá ní "a ti ṣe é rí", ẹ ò wá inú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ dáadáa, tàbí ẹ ò sọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Tó bá ní "ó dùn, àmọ́ kì í ṣe fún wa", magasíìnì lẹ ṣì yàn, àbá ò ní àìsàn. Èyí tó ṣòro jù ni "kọ ọ́ wá ká wò ó". Kò tíì gbà á o, kò sì ṣèlérí owó kankan. Tí ẹ ò bá tíì ní àtíkù tí ẹ lè fi hàn, ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ jọ fi àdéhùn sí pé ó máa dáhùn. Ẹni tó ti ní àtíkù mélòó kan lọ́wọ́, mi ò rò pé ó yẹ kó tún máa ṣe bẹ́ẹ̀, owó ọ̀kadà àti oúnjẹ tí ẹ máa ná kó má jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni.

Tó bá gbà á, inú á dùn, ẹ má tíì sáré lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ fi ímeèlì béèrè: èló ni fóyé kan, ṣé nígbà tí ẹ bá gba iṣẹ́ lẹ máa san án àbí nígbà tó bá jáde, ta ló ń san owó ọkọ̀, ta ló ń san ayàfọ́tò, èló ni màá gbà tí ẹ ò bá lò ó mọ́ lẹ́yìn tí mo ti kọ ọ́ tán, ṣé mo lè tà á ní èdè míì lẹ́yìn ìgbà kan. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, nígbà tó jẹ́ pé ìtàn ilé Agudà yìí lè lọ sí Èkó ní Gẹ̀ẹ́sì, Agudà wà níbẹ̀ náà. "San nígbà tó bá jáde" léwu fún ìtàn òjò, tí wọ́n bá tì í sí ọdún tó ń bọ̀, owó yín náà ti lọ sí ọdún tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá dáhùn lórí fóònù, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ímeèlì kí ẹ fi ránṣẹ́ padà sí wọn: "gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ lónìí", kí ẹ to iye owó, iye fóyé àti ọjọ́ síbẹ̀.

Tó bá kọ̀ ọ́, ẹ má ṣe kó ímeèlì kan náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì kí ẹ wá yí orúkọ padà. Ilé náà ò yí padà, ẹbí ò yí padà, ṣùgbọ́n òǹkàwé ti yí padà. Magasíìnì tó ń kọ nípa owó àti òwò, mọlémọlé àgbà náà ni kó ṣáájú níbẹ̀: iṣẹ́ tó ń kú, iye tí ẹbí ná lórí sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mejì sí iye tí amọ̀ àti ẹfun ì bá gbà lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ gba iye yẹn lẹ́nu òun àti ẹbí kí ẹ tó kọ ọ́. Èyí tó ń kọ nípa àwọn obìnrin, ìyá tó ń gbé inú ilé ló máa ṣíwájú, òun tó ń sùn nínú yàrá tí ògiri ẹ̀ ń tutù nígbà tí àwọn ajogún tó ní ẹ̀tọ́ sí ilé wà lókè òkun. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, gbólóhùn igun, iye fóyé àti orúkọ abala, àwọn mẹ́rin yìí lẹ máa tún kọ látòkèdélẹ̀, ìpínrọ̀ tó sọ ẹni tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ lè dúró bó ṣe wà.